Bí A Ṣe Ń Kí Alábàáṣiṣẹ́ Tí Àárò Rẹ̀ Ò Ní Sọ Wá: Láìparọ́, Láìfi Òwe Gún Un

Bí ẹni tí ojú yín ti rí màbo lọ́wọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ bá ń lọ, tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ dìde sọ̀rọ̀, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń gbà bàjẹ́. Ẹlòmíì á dìde, á ní, "Ìyá rere ni wọ́n, a ò lè rí irú wọn mọ́," àwọn tó jókòó á máa wo ara wọn lójú. Ẹlòmíì á fi òwe kan gún un, á jókòó, á rò pé òun ti gbọ́n. Ẹni tó ń lọ gbọ́ méjèèjì yékéyéké, kò sì ní gbàgbé èyí tẹ́ ẹ sọ nínú ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan la máa tẹ̀ lé dópin. Ọ́fíìsì ìṣirò owó kan ló wà ní Iléṣà, èèyàn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì wà lára wọn. Wọ́n ń gbé obìnrin àgbà kan, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù, lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin ló ti ń gbé ẹjọ́ yín lọ bá ọ̀gá, ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, ó ń ti fáìlì mọ́ dúrọ́ọ̀ títí tẹ́ ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ yín ní ₦15,000. Ó ju yín lọ lọ́jọ́ orí. Fúráìdeè ni sẹ́ńdọ́ọ̀fù. Ẹ má sì rò pé ẹ ò ní rí i mọ́, torí Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Ẹ lè fara kanra lọ́jà Atákúnmọ̀sà lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ sì lè bá a lórí ìjókòó níbi ìnáwó ẹlòmíì.

Ohun tẹ́ ẹ nílò

Ọjọ́ márùn-ún, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè. Pépà díẹ̀ àti bírò. Iye owó tí gbogbo ọ́fíìsì bá dá. Àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tó ṣì wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni náà: owó, kọ́kọ́rọ́, fáìlì, iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ẹnìkan tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì, tó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, tẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yín sí létí kó tó di Fúráìdeè. Ẹni ìkẹyìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an sì ló máa gbà yín.

1. Ẹ yọ owó àti fáìlì kúrò nínú ìdágbére (Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè)

Gbèsè tí a bá gbé dé ọjọ́ sẹ́ńdọ́ọ̀fù máa ń sọ ìdágbére di ìjà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà lọmọ òṣómàáló, tí wọ́n máa ń tà láwìn láyé àtijọ́, tí wọ́n sì máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ṣùgbọ́n Fúráìdeè kọ́ lọjọ́ ìlóṣòó. Mọ́ńdè ni. Ẹ bá a ní òun nìkan, láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó gbóná, kẹ́ ẹ sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ní kí n rán yín létí ₦15,000 tó wà láàárín wa látoṣù kẹta, kí ẹrù kíkó tó gba yín lọ́kàn. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn kó tó di Tọ́sìdeè?"

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ lẹ bèèrè, ẹ ò bèèrè bóyá ó máa san án. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi pé "Ṣé ẹ ó san án?" á dáhùn pé "Màá san án," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bó bá dárúkọ ọjọ́, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Bí Wẹ́sìdeè bá dé tí kò sí owó, ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá pinnu nínú ara yín bóyá ẹ máa gbà kó fi ránṣẹ́ láti Ifẹ̀, tàbí ẹ máa ka owó náà sí èyí tó ti lọ. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹnu yín ò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ lọ́jọ́ Fúráìdeè.

Ní ti fáìlì àti kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ sórí pépà, ẹ kọ déètì sí i, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì ni. Pẹ̀lú ẹni tó máa ń gbé ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá, "mo ti fún un" lásán kì í tó.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á lọ bèèrè owó náà lórí Wásáàpù ọ́fíìsì kí ojú lè tì í. Owó lè wá o, ṣùgbọ́n ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sọ lọ́jọ́ Fúráìdeè, ẹ̀gàn ni gbogbo wọn máa gbọ́ nínú ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, ẹ wo àkọsílẹ̀ yín. Bó bá ṣẹ́ ku ohun kan tó máa mú kẹ́ ẹ sọ pé "Ẹ dúró ná mà, kẹ́ ẹ tó lọ...", ẹ ò tíì parí ìpele yìí.

2. Ẹ wá òótọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè sọ

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú pépà méjì. Sórí èkínní, ẹ kọ gbogbo ohun tó ṣe yín. Ẹ kọ ọ́ tán, kí inú yín lè fúyẹ́, kẹ́ ẹ wá fà á ya sí wẹ́wẹ́. Ilé lẹ ti máa ṣe é, kì í ṣe orí tábìlì ọ́fíìsì. Sórí èkejì, ẹ kọ ohun tó ṣe tó ran iṣẹ́ lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré tó.

Ìṣe lẹ ń wá, kì í ṣe ìwà. "Ọmọlúàbí ni wọ́n," "Ọ̀làwọ́ ni wọ́n," "Wọ́n fẹ́ràn gbogbo wa" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni, ẹni tẹ́ ẹ ń yìn gan-an sì lè rò pé ẹ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Wọ́n ń tètè dé" jẹ́ ìṣe, gbogbo ọ́fíìsì ló rí i, kò sì bèèrè pé kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹni náà kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.

Ìwà tó ń dà yín láàmú gan-an ni ẹ ti sábà máa ń rí òótọ́ náà fà yọ. Màdáámù tó ń ti fáìlì mọ́ dúrọ́ọ̀, tí ẹ ń bínú sí, òun náà ni kò sọ ìwé kan nù rí. Nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ bá dé, tí wọ́n bèèrè ìwé ìsanwó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ló ń mú un jáde. Ìyẹn ṣe yín láǹfààní, torí ẹ̀yin ni wọn ì bá kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí. Òótọ́ tẹ́ ẹ nílò nìyẹn. Ẹ ò ní mẹ́nu kan bó ṣe ń jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ òun kó tó ṣí dúrọ́ọ̀.

Bí ẹ bá wá a tì, ẹ má dá a sílẹ̀. Ẹ sọ bí àkókò ṣe gùn tó: "Ọdún mẹ́rin la fi wà nínú yàrá kan náà." Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ bi ara yín bóyá alábàáṣiṣẹ́ tí kò fẹ́ràn Màdáámù rárá á mi orí sí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá lè mi orí láìrẹ́rìn-ín, ẹ ti rí i.

3. Ẹ yọ abẹ tó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ yín

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ẹ má sáré kọjá rẹ̀. Láàárín wa, ó ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìbínú mọ́lẹ̀, torí etí Yorùbá ti mọ́ ọn lára láti máa wá ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Àwọn gbólóhùn kan ti di abẹ pátápátá, bí ẹni tó sọ ọ́ ò tiẹ̀ ní i lọ́kàn:

"Ẹ kọ́ wa ní sùúrù." Ìtumọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó jókòó ni pé ẹ fìyà jẹ wá.

"Ẹ jẹ́ kí ojú mi là." Ẹ rẹ́ mi jẹ ni.

"Ibi tẹ́ ẹ ń lọ á mọ̀ pé ẹ dé." Ẹ̀rín máa ń tẹ̀ lé èyí, kì í sì í ṣe ẹ̀rín rere.

"Ọlọ́run á san án fún yín gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é." Ó jọ àdúrà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí òun ṣe ò ní ṣàmín sí i. Bí ẹ bá sọ ọ́ tí àmín ò dún, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ti òwe, ẹ má pa ọ̀kankan. Kódà òwe tí kò ní nǹkan kan nínú ò ní bọ́ lọ́wọ́ ìfura, torí gbogbo ará ọ́fíìsì ló mọ bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe wà. Wọ́n á gbé e lọ sílé, wọ́n á tú u wò, wọ́n á rí èébú níbi tẹ́ ẹ ò fi sí.

Ẹ yọ gbogbo "a ò ní gbàgbé yín láéláé" náà kúrò. Bí kì í bá ṣe irọ́, ìhalẹ̀ ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ ka ọ̀rọ̀ yín sí ẹni tẹ́ ẹ ti yàn létí, láì sọ ìtàn Màdáámù fún un. Kẹ́ ẹ wá bi í pé, "Ṣé ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ fún yìí ti ṣẹ̀ mí rí?" Bó bá ní "Kò hàn," ó dára. Bó bá rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó dáhùn, ẹ padà wá abẹ náà yọ.

4. Ẹ yan ọ̀rọ̀ ìdágbére àti àdúrà tó bá a mu

"Ó dàárọ̀" wà fún ẹni tẹ́ ẹ máa rí lọ́la. Àṣà ojoojúmọ́ máa ń jẹ́ kó já bọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó sì máa ń dàbí ìgbà tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń lọ. "Ó dàbọ̀" ń tọ́ka sí àbọ̀, ìpadàbọ̀. Kò burú, ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá òótọ́ yín mu jù ni "Ó dìgbóṣe", ìyẹn ó di ìgbà tó bá ṣe. Kò ṣèlérí, kò sì tilẹ̀kùn. Ẹ sá fún "Ó dìgbéré" àti "Ó dàrìnnàkò" pátápátá. Òkú la ń kí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ ọ́ fún alààyè ti dá ogun sílẹ̀, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó pé òun ṣì í sọ ni.

Àdúrà ló máa gbà yín níbi tí ọkàn yín ò ti ní nǹkan kan láti sọ. Ìyìn ń sọ ohun tó ti rí, nítorí náà ó lè jẹ́ irọ́. Àdúrà ń tọrọ ohun tó ń bọ̀ ni, ẹ sì lè tọrọ rere fún ẹni tẹ́ ò fẹ́ràn láì parọ́ kankan. Pẹ̀lú àlọ yìí, rere tirẹ̀ àti rere tiyín ti di ọ̀kan: bí Ifẹ̀ bá dùn mọ́ ọn nínú, kò ní wá bó ṣe máa padà. "Ẹ ó fẹsẹ̀ rere wọ ibẹ̀" àti "Iṣẹ́ ibẹ̀ á rọ̀ yín lọ́rùn" ti tó. Ẹ má fi "Ẹ máa yà kí wa o" kún un bí ẹ ò bá fẹ́ kó yà. Ó máa yà.

5. Ẹ tò ó pọ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn

Gbólóhùn mẹ́fà ni, kò gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn tó ni irọ́ àti abẹ ṣe máa ń rí àyè wọlé tó. Báyìí ló ṣe máa rí fún Màdáámù:

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ọdún mẹ́rin ni tábìlì mi fi kọjú sí ti Màdáámù. Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, kò sí ìwé kan tí àwọn ọ́dítọ̀ bèèrè tí Màdáámù ò rí mú jáde. Ó gba èmi náà lọ́wọ́ wàhálà, mo dúpẹ́ mà. Ẹ ó fẹsẹ̀ rere wọ Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ á rọ̀ yín lọ́rùn. Ó dìgbóṣe, mà."

Àmín á dún, kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ má dúró kí ẹ̀rín tàbí àtẹ́wọ́ fa yín láti fi nǹkan kan kún un. Àfikún yẹn, tí wọn ò kọ sílẹ̀, ni abẹ máa ń gbà jáde.

Ẹ fi èyí wé ohun tí èèyàn ì bá sọ láìmúra: "Màdáámù, ẹ kọ́ wa ní sùúrù, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọjọ́ òní ṣojú wa, Ọlọ́run á san án fún yín." Kò sí èébú kan níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè nawọ́ sí, síbẹ̀ ojú Màdáámù á ti yí padà kí ẹni náà tó jókòó.

Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe fún àgbà. Ọjọ́ orí lẹ ń kí. Ẹni tó bá fò ó lọ́jọ́ yìí ti sọ̀rọ̀ ju ẹni tó bú u lọ. Ẹ ò nílò láti dì mọ́ ọn, bí ẹ kì í bá ti í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú fọ́tò, ẹ dúró síbi tí ààyè bá wà.

Owó ìdáwó kò gba àròjinlẹ̀: bí àwọn yòókù bá ń dá ₦2,000, ₦2,000 ni tiyín. Bó bá dín, wọ́n á máa sọ ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Bó bá lé, wọ́n á ní ẹ fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Tí ẹni tó ń lọ bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín tàbí àbúrò, ẹ lo "o" tẹ́ ẹ ti ń lò fún un tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ń sọ pé àjèjì lẹni náà ni.

6. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè méjì

Èkínní máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀rín, nígbà tí wọ́n bá ń jẹun: "Ìwọ yìí, ṣé àárò mi á sọ ẹ́?" Ẹ má sọ pé "Gan-an ni mà," ẹ má sì dákẹ́. Ẹ dáhùn pé: "Mọ́ńdè á yàtọ̀ níbí, Màdáámù. Ṣé wọ́n ti bá yín rí ilé ní Ifẹ̀?" Òótọ́ ni pé Mọ́ńdè á yàtọ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú, torí ẹni tó ń kó lọ ò ní ṣaláìní nǹkan sọ nípa ilé.

Èkejì le díẹ̀. Nígbà tí Màdáámù bá dìde láti dáhùn, ó ṣeé ṣe kó sọ pé, "Ẹni tí mo bá ṣẹ̀, kó foríjì mí." Gbogbo èèyàn á pariwo pé "Ẹ ò ṣẹ̀ wá o!" Kò di dandan kẹ́ ẹ bá wọn pariwo. Bó bá wá bá yín ní ẹ̀yin nìkan, tó sì tún un sọ, ẹ ní: "Mo gbọ́ mà. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́." Bí ẹ bá ti foríjì í lóòótọ́, ẹ sọ pé ẹ ti foríjì í. Ẹ kàn má sọ pé "Kò sí nǹkan kan," torí nǹkan kan wà, òun náà mọ̀. Ẹ má sì gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé láti ka ẹ̀ṣẹ̀ ọdún mẹ́rin fún un. Ìdáríjì ló bèèrè, kò bèèrè àkọsílẹ̀.

Ààlà kan wà o. Bí ohun tó ṣe bá jẹ́ owó ìjọba tó sọnù, ìfipá-báni-lò tàbí ìhalẹ̀, ìtọ́sọ́nà yìí kọ́ ló ni ín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn tó yẹ kó tó lọ, kẹ́ ẹ yẹra fún sẹ́ńdọ́ọ̀fù náà bó bá gbà bẹ́ẹ̀. "Mo ní ibi kan tí mò ń lọ" ti tó, bí ẹ bá ní ibi kan tẹ́ ẹ ń lọ lóòótọ́.

7. Wásáàpù àti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e

Lórí Wásáàpù ọ́fíìsì, ẹ má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ẹ kọ gbólóhùn kan pẹ̀lú ọwọ́ yín: "Màdáámù, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ó fẹsẹ̀ rere débẹ̀." Ẹ má ṣe da èyí tí ẹlòmíì kọ kọ, pàápàá bó bá ní "a máa ṣàárò yín" nínú. Sítíkà òdòdó nìkan náà ò dára tó, torí òun náà á máa kà wọ́n lẹ́yìn náà láti wo ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó fi àwòrán lásán ránṣẹ́.

Ẹ má tíì ti nọ́ńbà rẹ̀ pa. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ẹ ṣì máa nílò láti bi í níbi tí ìwé kan wà, òun náà á sì nílò yín. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ lè ṣe bó ṣe wù yín.

Ní Mọ́ńdè, ẹnìkan nínú ọ́fíìsì á fò sókè pé "A ti bọ́!" Ẹ fi í sílẹ̀ nìkan. Nínú èèyàn mẹ́jọ tó kù, ó kéré tán ẹnìkan ṣì ń bá Màdáámù sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, ẹ ò sì mọ ẹni tí í ṣe. Ẹ kàn ṣí dúrọ́ọ̀ náà, kẹ́ ẹ fi àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ka àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá dín, ẹ pè é ní wákàtí iṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí i: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ Ifẹ̀."